“Albarka” kì í ṣe àlùbáríkà: àwọn ọ̀rọ̀ Haúsá tó jọ tiwa tí ìtumọ̀ wọn yàtọ̀

Ìyá Ìbejì, Kúbúwà:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Oṣù keje nìyí tí èmi àti ọkọ mi pẹ̀lú àwọn ọmọ ti kó láti Òṣogbo wá sí Kúbúwà ní Àbújá, mo sì ti ń fi etí kọ́ èdè Haúsá díẹ̀díẹ̀ nínú ọjà àti lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ Sátidé ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò, nítorí mo bá ẹni tí kò ṣẹ̀ mí jà, n kò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀wà ni mo lọ rà. Màlámù tó ń tà á sọ pé múdù kan jẹ́ “dubu uku”, ìyẹn ₦3,000. Múdù mẹ́wàá ni mo fẹ́, mo sì sọ fún un pé ₦2,500 ni n óò san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: “Albarka, Hajiya. Babu riba. Ki daɗa.” Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé “babu” ni “kò sí”. Nítorí náà, ohun tí etí mi gbọ́ ni pé àlùbáríkà ni, pé kò sí rìbá kankan nínú ọ̀rọ̀ tiwa, àti pé ó dáadáa bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ọjà ti tà, mo tilẹ̀ rò pé ó ń fi dá mi lójú pé olóòótọ́ èèyàn ni òun.

Mo ka ₦25,000 lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó sì dá a padà fún mi. Mo ní kí ló dé, ó tún ní “albarka”. Mo ní ṣebí àlùbáríkà náà nìyẹn, kí ó wọn ẹ̀wà mi fún mi. Ohùn mi ti ń lọ sókè nígbà náà, mo sì ti ń sọ fún àwọn tó dúró pé ó gbà tán kó tó yí ọ̀rọ̀ padà. Ìyá kan tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó gbọ́ èdè méjèèjì, ló là wá. Ó ní ọkùnrin náà kò gbà rárá, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n fi owó lé e. A wá parí rẹ̀ sí ₦2,800, mo san ₦28,000. Bí mo ṣe ń gbé àpò mi, ó ní “Allah ya sa albarka”. Ìyẹn ló tún dà mí lọ́kàn rú jù, nítorí ọ̀rọ̀ tó fi kọ owó mi lákọ̀ọ́kọ́ náà ló tún fi ṣàdúrà fún mi nígbẹ̀yìn.

Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ àdúrà yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ kíkọ̀? Báwo sì ni ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lókè ọ̀hún ṣe ń ṣọ́ra fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Délé Gárìkí:

Ẹ kú ọjà, Ìyá Ìbejì. ₦2,800 lórí múdù ẹ̀wà kan pọ̀ jù. Ẹ máa lọ sí Màràrábá ní ọjọ́ ọjà wọn kùtùkùtù, kí àwọn alágbàtà tó dé. Bí ẹ bá ra àpò kan pọ̀ pẹ̀lú ẹni méjì tí ẹ sì pín in, iye tí ẹ ó san yóò kéré sí èyí, ẹ kò sì ní máa bá ẹnikẹ́ni jà.

Ìyá Ìbejì, Kúbúwà:

Ẹ ṣé, Bọ̀ọ̀dá Délé. N óò gbìyànjú Màràrábá, ṣùgbọ́n bí mo bá dé ọ̀hún, èdè Haúsá náà ni wọn yóò bá mi sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ mọ̀.

Alájé Nyányà:

Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Èmi ti wà ní Àbújá láti ọdún 2009, òfin kan ṣoṣo ni mo fi ń rìn. Gbogbo ọ̀rọ̀ Haúsá tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “al”, láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá, ibẹ̀ náà sì ni tiwa ti wá. Wọ́n ń pe àlùbọ́sà ní “albasa”, wọ́n ń pe adájọ́ ní “alkali” tí àwọn baba wa náà mọ̀ sí àlùkálì. Ìtumọ̀ kan náà ni. Nítorí náà, “albarka” ni àlùbáríkà, kò sí ohun mìíràn tó lè jẹ́. Bóyá ọkùnrin yẹn yí ọkàn padà lóòótọ́, tí ìyá aláta sì ń gbè é lẹ́yìn nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ ni.

Ọmọ Sàríà:

Ẹ má bínú sí ọkùnrin náà o, kò yí ọ̀rọ̀ kankan padà. Sàríà ni wọ́n bí mi sí, ìyá mi ta aṣọ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, èmi náà sì fi èdè Haúsá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ tí màlámù yẹn sọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé mẹ́ta ni wọ́n dìde sí Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì ni kò jẹ́ kí ó fura.

“Albarka” àti àlùbáríkà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà lóòótọ́, Alájé kò parọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá méjì lè dàgbà ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ìwà wọn má sì bára mu mọ́. Nínú ọjà níná àwọn Haúsá, bí ẹni tó ń rajà bá dá iye kan tí kò tẹ́ ẹni tó ń tà lọ́rùn, kì í sábà là á mọ́lẹ̀ fún un pé “mo kọ̀”. “Albarka” ni yóò sọ. Ó dà bí ìgbà tí ó bá ń sọ pé kí Ọlọ́run bù kún owó rẹ lọ́wọ́ rẹ, kí o máa gbé e lọ. Kíkọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó fi àdúrà bò ó kó má baà dun ẹni tí wọ́n kọ̀ fún. Àwa náà ní irú rẹ̀: bí alágbe bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí a kò ní ohun tí a óò fún un, a máa ń sọ pé “Ọlọ́run á pèsè”, alágbe náà á sì mọ̀ pé kí òun máa lọ ni.

Ohun tó wá mú kí ó le fún ọmọ Yorùbá ni pé àkókò tí a ń lo ọ̀rọ̀ náà nínú ọjà tiwa kò bá tiwọn mu. Ní Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, ìgbà tí owó bá ti wọ ọwọ́ ẹni tó tajà tán ni yóò tó sọ pé kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Àlùbáríkà ni ó máa ń ti ilẹ̀kùn ọjà wa. Ní ti Haúsá, “albarka” tó dá dúró máa ń jáde nígbà tí ọjà ṣì wà ní ṣíṣí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń parí rẹ̀ ni “na sallama”, ìyẹn ni pé mo ti gbà, mo ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí Ìyá Ìbejì ti gbọ́ ọ nígbà tí owó dé ₦2,800, kó má sì kà á sí nítorí pé kò jọ ọ̀rọ̀ kankan tó mọ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kò ṣòro. Bí ó bá dá wà ní ẹyọ kan, tàbí tí wọ́n so orúkọ oyè mọ́ ọn bíi “Albarka, Hajiya”, kíkọ̀ ni. Bí ó bá wà nínú odindi gbólóhùn àdúrà tí orúkọ Ọlọ́run ṣíwájú rẹ̀, bíi “Allah ya sa albarka”, àdúrà gidi ni, ọjà sì ti parí. Ẹ tún máa wo ọwọ́ ẹni tó ń tà. Ẹni tó bá ti gbà yóò na ọwọ́ sí ọ̀rá tàbí kí ó ti múdù bọ inú ẹ̀wà. Ẹni tó kọ̀ yóò káwọ́ padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì máa wo ojú rẹ.

Nípa “ki daɗa”, ohun tó ń sọ ni pé kí ìyá fi owó lé e. Bí ọkùnrin ló bá ń rà á ni, “ka daɗa” ni ì bá sọ. Àwọn mìíràn máa ń lo “ki ƙara”, ìtumọ̀ kan náà ni. Lẹ́tà “ɗ” tó ní ìkọ́ lórí yìí, a máa ń fa ohùn rẹ̀ mì sínú díẹ̀ ni, ó yàtọ̀ sí “d” tiwa. Ṣùgbọ́n nínú àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù, ọ̀pọ̀ Haúsá fúnra wọn kì í tẹ ìkọ́ náà, wọn á kọ “dada”, ọmọ Yorùbá á sì kà á sí dáadáa lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ná ọjà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún èyí ju ẹni tó dúró níwájú ìsọ̀ lọ.

Mo fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí “riba” kí n tó padà wá, nítorí mo mọ̀ pé kò ní ṣàì sí ẹni tó ti kó sí i nínú yín.

Akọ̀wé, Kánò:

Bàbá, èmi ti kó sí i, ó sì burú ju ti ẹ̀wà lọ.

Mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan níbí, àwa Yorùbá àti àwọn Haúsá la jọ wà nínú rẹ̀. A máa ń dáwó ra ọkà nígbà ìkórè, a ó tà á nígbà tí ó bá wọ́n, a ó sì pín ohun tó bá jẹ́ èrè. Ní ọdún kan, akápò wa tó jẹ́ Haúsá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ìgbìmọ̀. Nínú rẹ̀ ló ti kọ “an raba riba”, ó sì to orúkọ ènìyàn mẹ́fà pẹ̀lú iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ Yorùbá rí i lórí fóònù ẹlòmíràn. Ó mọ̀ pé “raba” ni kí wọ́n pín nǹkan. Ó wá sọ fún àwọn tó kù pé àwọn ìgbìmọ̀ ti pín rìbá, pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìyí pẹ̀lú orúkọ àti iye owó.

Ìpàdé tí a ṣe lọ́sẹ̀ yẹn kò ṣe é fẹnu sọ. Odindi wákàtí méjì ni a fi ń bú ara wa kí ẹnì kan tó ronú láti bi akápò pé kí ni ó pè ní “riba” ná. Èrè ni. Ó kọ ọ́ pé a ti pín èrè fún àwọn ènìyàn mẹ́fà tó kọ́kọ́ dáwó, àwọn tó kù yóò gba tiwọn ní ọ̀sẹ̀ kejì. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé ìṣirò. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ̀rọ̀ tí a kò lè kó padà, ènìyàn méjì sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nínú àwọn Haúsá. Títí di òní, ó ń dùn mí.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń túmọ̀ ìwé ẹgbẹ́, mo máa ń gbé ohun tí mo túmọ̀ fún Haúsá kan kí ó sọ ọ́ padà fún mi ní ọ̀rọ̀ mìíràn kí n tó fi ránṣẹ́.

Ọmọ Sàríà:

Ẹ ṣeun, Akọ̀wé. Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn kò yẹ kí ó gba ẹgbẹ́ yín lọ́mọ.

“Riba” lẹ́nu Haúsá ni èrè tí oníṣòwò jẹ lórí ọjà rẹ̀. Bí màlámù ṣe sọ “babu riba” fún Ìyá Ìbejì, ohun tó ń sọ ni pé ní ₦2,500, òun kò ní rí èrè kankan. Rìbá tiwa ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní èdè Lárúbáwá tí méjèèjì ti ṣẹ̀ wá, àlékún ni, pàápàá jù lọ èyí tí wọ́n ń gbà lórí owó tí wọ́n yá ènìyàn. Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe pín: Haúsá mú àlékún náà, wọ́n sì sọ ọ́ di gbogbo èrè ọjà, kò sì sí àbùkù kankan nínú rẹ̀. Àwa mú ẹ̀ṣẹ̀ tó wà lára rẹ̀, a sì gbé e lọ bá owó tí wọ́n ń fún adájọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba lábẹ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dá dúró síbẹ̀. Wọn á kọ ọ́ sílẹ̀ pé “riba” ni èrè, wọn á sì rò pé àwọn ti ṣe tán. Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Bí ìwọ Yorùbá bá wá fẹ́ sọ ní èdè Haúsá pé ẹnì kan gba rìbá ńkọ́? Bí o bá ní ó gba “riba”, wọn á kí i kú oríire pé ó jèrè. Ohun tí wọ́n ń pè é ni “cin hanci”. Bákan náà ni èlé orí owó yíyá, “kuɗin ruwa” ni wọ́n sábà máa ń pè é, tí a bá sì tú u ní ẹyọ ẹyọ, owó omi ni yóò jáde, èyí tó ti mú kí àwọn kan rò pé owó omi ẹ̀rọ ni báńkì ń bù lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí ojú ìwé kan ṣoṣo. Ojú ìwé òsì ni ọ̀rọ̀ Haúsá àti ohun tó jẹ́ gan-an, ojú ìwé ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jọ ọ́ àti ohun tí Haúsá ń pè é. Bí ojú kan bá ṣófo, ẹ kò tíì mọ ọ̀rọ̀ náà.

Àlùfáà, Jọ́ọ̀sì:

Alàáfíà fún gbogbo yín. Mo fẹ́ bá Bàbá Ọmọ Sàríà fà á díẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni mí, mo sì ń ṣe wáàsí ní èdè méjèèjì níbí. Nígbà tí àwọn màlámù bá ń wáàsí ní èdè Haúsá, “riba” tí wọ́n ń pè kì í ṣe èrè ọjà, èlé tí Ọlọ́run ṣe léèwọ̀ ni. Àwọn tó ń gbọ́ wáàsí náà ni wọ́n ń bọ́ sínú ọjà tí wọ́n ń sọ pé “na ci riba”, tí wọ́n sì ń dúpẹ́ pé àwọn jèrè. A kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù lẹ́nu Haúsá, ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ ló ń pinnu.

Ọmọ Sàríà:

Òótọ́ ni ẹ sọ, Àlùfáà, mo gbà. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé ọjà nìkan ni ayé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín léèrè: bí ẹ bá gbọ́ “ya ci riba” láti ẹnu ẹnì kan lójú ọ̀nà, láìsí ohun mìíràn, èwo ni ẹ ó kọ́kọ́ rò?

Àlùfáà, Jọ́ọ̀sì:

Bí ó bá jẹ́ ọlọ́jà ló ń sọ ọ́, èrè. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó yáwó ló ń ráhùn, èlé. Bí n kò bá mọ ẹni náà, n óò bi í. N kò ní ìdáhùn mìíràn.

Ìyá Aláàmàlà, Mínà:

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń se oúnjẹ tà níbí, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó fìyà jẹ mí tó “gari”.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo gba ọmọbìnrin Haúsá kan sí ilé oúnjẹ. Mo ní kí ó lọ ra gààrí múdù mẹ́rin wá. Ó wò mí, ó ní “gari? A ina?”, ó ń bi mí pé ìlú wo, ìlú níbo. Mo tún un sọ pé gààrí. Nígbà tí ó yé e pé oúnjẹ ni, ó lọ, ó sì ra ìyẹ̀fun àgbàdo wá. Mo bínú. Ó ní ohun tí mo rán òun náà nìyẹn, “garin masara”. Ìyẹ̀fun àgbàdo múdù mẹ́rin! Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé gbogbo ohun tí wọ́n bá lọ̀ kúnná ni wọ́n ń pè ní “gari”, pé a gbọ́dọ̀ so ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn. Gààrí tiwa ni “garin kwaki”. Bí ẹ bá ní “garin rogo”, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá gbẹ ni wọn yóò gbé fún yín, irú èyí tí a fi ń ro láfún.

Kí Alájé Nyányà tún gbọ́ èyí o. Èlùbọ́ tí mo ń rà, “alabo” ni wọ́n ń pè é níbí. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “al”, ṣùgbọ́n ta ni Lárúbáwá tó ń ro àmàlà? Lọ́wọ́ wa ni wọ́n ti gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ kò dúró sójú kan: bí mo bá ní èlùbọ́ lásán nílé, iṣu ni gbogbo ènìyàn yóò rò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta “alabo” níhìn-ín, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa ń bù fún ẹ bí o kò bá béèrè. Mo ti fi owó iṣu ra ẹ̀gẹ́ rí. Báyìí, mo máa ń bù díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí n tó san owó. Ti iṣu máa ń pọ́n díẹ̀, ti ẹ̀gẹ́ a sì funfun, òórùn rẹ̀ sì máa ń kan díẹ̀.

Alájé Nyányà:

Ìyá, ẹ ti mú mi. N kò ronú kan “alabo” rí, bẹ́ẹ̀ mo sì ń rà á. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì lórí ohun tí mo sọ nípa ìyá aláta. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lé e pé òfin mi ti gbà mí lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọmọ Sàríà:

Ó gbà yín nítorí pé ó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá fún yín lọ́pọ̀ ìgbà. Kò lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé lónìí.

Ìyá Aláàmàlà, ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó dùn mọ́ mi. Ẹ ní nígbà tí ẹ pe gààrí, ìlú ni ọmọ náà kọ́kọ́ gbọ́. Ìdí rẹ̀ wà nínú ohùn. Àwọn Haúsá ní “gari” méjì tí wọ́n ń kọ bákan náà. Èyí tó jẹ́ ìlú, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì parí lókè. Èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun, òkè ni ohùn rẹ̀ wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì máa ń fa ìró rẹ̀ àkọ́kọ́ gùn. Gààrí tiwa, ìsàlẹ̀ ló ti gbéra kí ó tó lọ sókè. Bí ẹ ṣe pè é ní ohùn Yorùbá, ìlú gan-an ni ẹ pè ní etí ọmọ yẹn! Ìlú yìí kan náà ló wà nínú Sabon Gari, tí a gé kúrú sí Sábó. Ní Ìbàdàn, Sábó ni àdúgbò àwọn Haúsá, ṣùgbọ́n ní Kánò, Sabon Gari ni àdúgbò tí wọ́n kó àwa àlejò láti gúúsù sí. Ìlú tuntun ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní ibi méjèèjì.

Ibi tí ọmọ Yorùbá ti ní ipá nìyí, nítorí pé etí wa ti mọ ohùn láti inú oyún wá. Ìṣòro tó wà ni pé ìwé Haúsá tí a ń kà lójoojúmọ́, ìwé ìròyìn tàbí ìwé ilé ẹ̀kọ́, kì í fi àmì ohùn hàn, kì í sì í fi gígùn ìró hàn. Ẹni tó bá fi ojú kọ́ ọ nìkan yóò rí “gari” kan ṣoṣo. Ìwé atúmọ̀ èdè Haúsá tí Bargery ṣe ní 1934 fi ohùn àti gígùn hàn lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ènìyàn sì lè kà á lórí ayélujára. Òun ni mo máa ń sáré lọ wò bí ọ̀rọ̀ kan bá jọ tiwa jù.

Délé Gárìkí:

Bàbá, bí ó bá jẹ́ ohùn ló ń pinnu, kí ló dé tí ọmọ tí mo sọ “káre” fún fi sunkún? Ọmọ aládùúgbò mi kan, ọmọ ọdún márùn-ún, bá mi gbé bàtà mi wá láti ìta. Mo fọwọ́ lé e lórí, mo ní “Káre, káre láé.” Ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀ pé mo pe òun ní ajá. Mo mọ̀ pé “kare” ni ajá, ṣùgbọ́n ohùn tèmi ti òkè bọ̀ wá sílẹ̀, tiwọn sì ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ọmọ Sàríà:

Ìbéèrè tó jinlẹ̀ ni. Ohun tí èmi rò ni pé ọmọ náà ti mọ̀ pé àlejò ni ọ́ nínú èdè rẹ̀, ó sì ti mọ́ ọn lára pé ohùn rẹ kì í bọ́ sí ibi tó yẹ, nítorí náà ó tún un ṣe fún ọ nínú orí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Haúsá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló pè é bẹ́ẹ̀, kò ní gbọ́ ajá.

Ìyá Aláàmàlà, Mínà:

N kò gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀, Bàbá. Ọmọ tí mo rán ní gààrí náà mọ̀ pé àlejò ni mí, ṣùgbọ́n kò tún ohùn mi ṣe. Ìlú tí mo pè gan-an ló gbọ́.

Ọmọ Sàríà:

Ẹ rí mi mú, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó.

Ìyá Ìbejì, Kúbúwà:

Ẹ ṣeun gidigidi. Mo padà sọ́dọ̀ màlámù yẹn láàárọ̀ òní, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo tún ra ẹ̀wà, múdù mẹ́ta péré. Ó ní ₦2,900, mo ní ₦2,600. Ó ní “albarka”. Mi ò fọwọ́ kan owó mi, mo fi ₦100 lé e, ó tún ní “albarka”, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Mo fi ₦50 lé e. Nígbà yìí ó kàn ní “to”. Mo ti fẹ́ ṣí àpò, nítorí mo gbọ́ ọ bí ẹni pé owó náà tó. Ṣùgbọ́n mo dá ara mi dúró, mo wo ọwọ́ rẹ̀, kò tíì na ọwọ́ sí múdù. Mo wá bi í pé “Ka sallama?” Ó ní “Na sallama”, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n.

Ṣé “to” náà wà nínú wọn ni?

Ọmọ Sàríà:

Ó wà nínú wọn. “To” wọn kì í ṣe “ó tó”. Ó lè jẹ́ “mo gbà”, ó sì lè jẹ́ “mo gbọ́” lásán, bí ẹni tó ṣì ń rò ó. Ìbéèrè tí ẹ bi í yẹn ni mo ń bi wọ́n láti ọjọ́ yìí wá. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ló ń tà, “Kin sallama?” ni kí ẹ sọ.